Igi Ìṣeéṣe Lábẹ́ Bírò Pupa

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ girama tó ti múra WAEC rí tí kò tíì pàdé irú ìbéèrè yìí: bọ́ọ̀lù pupa 5 àti dúdú 3 wà nínú àpò kan. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, wọ́n mú bọ́ọ̀lù kan, wọn kò dá a padà, wọ́n sì tún mú ìkejì. Kí ni ìṣeéṣe pé àwọ̀ bọ́ọ̀lù méjèèjì yóò yàtọ̀ síra? Olùkọ́ á ní kí wọ́n fi àwòrán igi ṣe é. Ọmọ á fa ilà, á kọ ìdá sí ara ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, á sọ wọ́n di púpọ̀, á kọ ìdáhùn sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwé á dé iwájú ẹni tó máa máàkì rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹni tó ń máàkì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe olùkọ́ nìkan ló ń ṣe é. Òbí tó gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀ yẹ̀ wò lálẹ́ náà ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ àbúrò nílé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kí a ro ìdá tó wà lára àwọn ẹ̀ka pọ̀, kí a wò ó bóyá wọ́n pé 1. Àyẹ̀wò gidi ni, ó sì yá. Ṣùgbọ́n igi kan lè pé 1 níbi gbogbo kó sì ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn lè kọ̀ láti pé 1 kí ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì tọ̀nà. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí àyẹ̀wò yìí ń rí, àti ohun tí kò lè rí, á fi bírò pupa ṣe ọmọ tó ṣiṣẹ́ léṣe, á sì gbóríyìn fún èyí tí kò yé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya igi tó tọ̀nà. Láti ojú kan ní apá òsì ìwé, ẹ̀ka méjì jáde. Èyí tó lọ sókè parí sí P, tó dúró fún pupa, 5/8 ló wà lára rẹ̀. Èyí tó lọ sísàlẹ̀ parí sí D, fún dúdú, 3/8 ló wà lára tirẹ̀. Láti ibi P, ẹ̀ka méjì mìíràn tún yọ. Bọ́ọ̀lù kan ti kúrò nínú àpò, ó ku 7. Pupa ni èyí tó kúrò, nítorí náà pupa ku 4, dúdú ṣì jẹ́ 3, àwọn ẹ̀ka náà sì gba 4/7 àti 3/7. Láti ibi D, dúdú ló kúrò. Pupa 5 ṣì wà níbẹ̀, dúdú ló ku 2, àwọn ẹ̀ka sì gba 5/7 àti 2/7. Ọ̀nà mẹ́rin ló wá parí sí apá ọ̀tún: PP, PD, DP àti DD.

Kí ló dé tí a fi ń sọ ìdá tó wà lójú ọ̀nà kan di púpọ̀? Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n ṣe eré yìí ní ìgbà 56, kó sì rí gẹ́lẹ́ bí ìṣeéṣe ṣe sọ. Eré gidi kì í bá ìṣirò dọ́gba tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wa. Pupa á kọ́kọ́ jáde ní ìgbà 35, torí pé 5/8 nínú 56 jẹ́ 35. Nínú 35 yìí, pupa á tún tẹ̀ lé e ní ìgbà 20, torí pé 4/7 nínú 35 jẹ́ 20. Dúdú ló máa tẹ̀ lé e ní ìgbà 15 tó kù. Ní ìgbà 21 tí dúdú bá kọ́kọ́ jáde, pupa á tẹ̀ lé e ní ìgbà 15, dúdú á tẹ̀ lé e ní ìgbà 6. Ẹ ro 20, 15, 15 àti 6 pọ̀: 56 gééré ni. Kò sí eré kan tó sọnù, kò sì sí èyí tí a kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdá inú ìdá ni a ń wá, ohun tí 5/8 × 4/7 = 20/56 sì ń sọ fún wa nìyẹn.

Ibẹ̀ náà ni òfin 1 ti wá. Ní ojú ibikíbi tí ẹ̀ka ti yọ, àwọn ẹ̀ka náà gbọ́dọ̀ kó gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jọ, láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò ọmọ Rọ́ṣíà nì, Andrey Kolmogorov, fi í ṣe ọ̀kan nínú òfin ìpìlẹ̀ mélòó kan tó gbé ìmọ̀ ìṣeéṣe kalẹ̀ lé lórí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1933: gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀, lápapọ̀, 1 ni ìṣeéṣe wọn. Ẹ kíyè sí i pé ojú kọ̀ọ̀kan ni òfin yìí dúró lé. Àwọn òbí kan máa ń ro gbogbo ẹ̀ka tó wà lápá ọ̀tún pọ̀, wọ́n á rí 2, ẹ̀rù á sì bà wọ́n. Kò sí aburú níbẹ̀. Ojú méjì ni àwọn ẹ̀ka yẹn ti yọ, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní 1 tirẹ̀.

Tí mo bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìdá ni mo kọ́kọ́ ń wò: 8 ní ìpele kìíní, 7 ní ìpele kejì. Lẹ́yìn náà ni mo wá ro nọ́ńbà òkè pọ̀, ojú kan lẹ́yìn èkejì: 5 àti 3 jẹ́ 8, 4 àti 3 jẹ́ 7, 5 àti 2 jẹ́ 7. Mo kọjá sí òpin ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wò ó bóyá nọ́ńbà òkè wọn pé 56. Ẹ̀yìn èyí ni mo tó wo ìdáhùn. Máàkì 6 ni mo máa ń fún ìbéèrè yìí: ọ̀kan fún ẹ̀ka ìpele kìíní, ọ̀kan fún ẹ̀ka méjì tó yọ láti P, ọ̀kan fún èyí tó yọ láti D, ọ̀kan fún sísọ di púpọ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀kan fún ríro ọ̀nà méjì tó bá ìbéèrè mu pọ̀, ọ̀kan tó kẹ́yìn fún ìdáhùn, 30/56 tàbí 15/28. Ẹni tó bá ti rí ìwé ìlànà máàkì rí á mọ̀ pé wọ́n máa ń fi lẹ́tà M sí máàkì ọ̀nà ìṣirò, wọ́n á fi A sí ti ìdáhùn tó pé, wọ́n á sì fi B sí èyí tó dá dúró láìdúró de ọ̀nà ìṣirò. Ìwúlò ìpín yìí ni pé àṣìṣe kan kò ní gba gbogbo máàkì lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwé àwọn ọmọ. Irú àṣìṣe tí mò ń rí ní gbogbo ìgbà ni mo kó síbí.

Ọmọ kìíní kọ 5/8 àti 3/8 sí ìpele kìíní, ó tọ̀nà. Nígbà tó dé ìpele kejì, ó rántí pé bọ́ọ̀lù ti dín kan, ó sì sọ 8 di 7. Ṣùgbọ́n kò yọ nǹkan kan kúrò lókè. Ó kọ 5/7 àti 3/7 sí ojú méjèèjì. Àyẹ̀wò 1 gbá a mú lójú ẹsẹ̀: 5 àti 3 jẹ́ 8, 8/7 sì ju 1 lọ. Òpin ọ̀nà rẹ̀ náà jẹ́rìí sí i, nítorí 25, 15, 15 àti 9 jẹ́ 64, a kò sì lè ní 64 nínú 56. Ẹ wá wo ìdáhùn rẹ̀: 15/56 + 15/56 = 30/56. Ó tọ̀nà gẹ́lẹ́!

Kì í ṣe iṣẹ́ orí ire. Àwọn ẹ̀ka tí ìbéèrè nílò ni pupa sí dúdú, tó jẹ́ 3/7, àti dúdú sí pupa, tó jẹ́ 5/7. Méjèèjì tọ̀nà nínú igi rẹ̀. Ẹ̀ka tó bàjẹ́ ni pupa sí pupa àti dúdú sí dúdú, ìbéèrè kò sì kàn wọ́n. Ẹni tó bá wo ìdáhùn nìkan á fún un ní 6, ọmọ náà á sì gbé àṣìṣe rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Tí ìbéèrè bá yí padà níbẹ̀ sí "kí àwọ̀ méjèèjì jọra", 34/56 ló máa kọ dípò 26/56. Èmi á fún un ní 4: kò ní gba máàkì ojú P, kò ní gba ti ojú D, á gba ìyókù. Àwọn olùkọ́ kan á tún gba máàkì ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn pé igi rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n a ti gba máàkì méjì nítorí ìyẹn, ìṣirò tó sì mú ìdáhùn jáde kò ní àbùkù. Ohun tó sàn jù ni pé kí ẹni tó ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ béèrè ìjọra àti ìyàtọ̀ pọ̀. Nígbà náà ọmọ fúnra rẹ̀ á rí i pé 30/56 àti 34/56 kò lè jọ wà.

Ọmọ kejì ló le jù láti rí. Ó kọ 5/8 àti 3/8, ó kọ 4/7 àti 3/7 sí ojú P, ó sì da 4/7 àti 3/7 kan náà kọ sí ojú D. Ẹ ṣe àyẹ̀wò 1: ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Ẹ lọ sí òpin ọ̀nà: 20, 15, 12 àti 9. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 56. Gbogbo rẹ̀ mọ́ nigín, síbẹ̀ 27/56 tó kọ sísàlẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Igi yòówù tí ẹ̀ka rẹ̀ bá pé 1 ní ojú kọ̀ọ̀kan, òpin ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé 1, ìbáà jẹ́ nọ́ńbà tí ẹnì kan fi ojú inú rò ló wà níbẹ̀. Ríro òpin ọ̀nà pọ̀ kàn ń yẹ sísọ di púpọ̀ wò ni. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀ka ń sọ ìtàn àpò yẹn tàbí ìtàn mìíràn.

Ohun tó máa tú u fó ni kí a fi PD wé DP. Nínú irú eré yìí, tí a bá ń mú bọ́ọ̀lù méjì láti inú àpò kan náà, pupa kí dúdú tó jáde àti dúdú kí pupa tó jáde gbọ́dọ̀ ní ìṣeéṣe kan náà. Ìdí rẹ̀ ni pé 5 × 3 àti 3 × 5 ló wà lókè, 8 × 7 ló wà nísàlẹ̀ méjèèjì. Ti ọmọ yìí jẹ́ 15 àti 12. Wọn kò dọ́gba, ojú sì ti mọ ibi tó máa wò: ẹ̀ka tó yọ láti D. Ìwòye yìí kò gba àkókò rárá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ọmọ náà á gba máàkì ìpele kìíní àti ti ojú P, á pàdánù ti ojú D. Àmọ́ ó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣe ìṣirò bó ṣe yẹ: 3/8 × 4/7 jẹ́ 12/56 lóòótọ́, ó sì mọ̀ pé PD àti DP ni kí òun rò pọ̀. Máàkì ọ̀nà ìṣirò méjèèjì jẹ́ tirẹ̀. Ti ìdáhùn nìkan ló tún lọ. Mẹ́rin nínú mẹ́fà.

Èyí tí mo ṣe yìí ni kí olùmáàkì tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọmọ láti ibi tó ti ṣìnà. Ó ní ààlà tirẹ̀. Tí nọ́ńbà tí ọmọ bá ń gbé lọ bá ti ju 1 lọ, tàbí tó bá wọ abẹ́ òdo, n kì í tẹ̀ lé e mọ́, nítorí ó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ ti dúró kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọmọ kẹta kọ 5/8 àti 3/8 sí gbogbo ojú, bí ẹni pé wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà sínú àpò. Ojú kọ̀ọ̀kan pé 1. Òpin ọ̀nà jẹ́ 25, 15, 15 àti 9 nínú 64, ó pé. PD àti DP dọ́gba. Kò sí àyẹ̀wò inú igi tó lè mú un, torí pé igi tó tọ̀nà ni, fún ìbéèrè mìíràn. Àfi kí olùmáàkì padà sínú ìbéèrè, kó rí gbólóhùn "wọn kò dá a padà", kó sì wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ní ìpele kejì tó ṣì jẹ́ 8. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìyàtọ̀ kékeré ni: 30/64 kò tó ìdajì, 30/56 ju ìdajì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó ṣeé ṣe jù láàárín ìjọra àti ìyàtọ̀, ìdáhùn ọmọ yìí á darí rẹ̀ sí òdìkejì.

Ọmọ kẹrin ya igi tó pé, kò sí àlébù kan lára ẹ̀ka rẹ̀. Nígbà tó dé òpin ọ̀nà, ó ro ìdá pọ̀ dípò kó sọ wọ́n di púpọ̀, ó sì rò wọ́n bí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe ń ṣe é, òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀: 5/8 àti 3/7 di 8/15. Ìjàǹbá ibẹ̀ ni pé 8/15 kò ju 1 lọ, kò sì jìnnà sí ìdáhùn gidi. Tí a bá ka ọ̀nà kan ṣoṣo, ojú lè fò ó. Ṣùgbọ́n tí a bá ro gbogbo òpin ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, 9/15, 8/15, 8/15 àti 5/15, ó di 30/15, ìyẹn 2. Àyẹ̀wò òpin ọ̀nà tí kò rí ọmọ kejì wúlò gan-an níbí. Máàkì mẹ́ta ti ẹ̀ka jẹ́ tirẹ̀. Àwọn yòókù kò ṣeé fún un, àfi tó bá hàn gbangba pé PD àti DP ló mú.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ìkọ̀wé kò kéré o. Bírò àti pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń ya igi yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní igun ìwé, débi pé òpin ọ̀nà mẹ́rin á fún pọ̀ mọ́ra. Ìdá á bọ́ sí àárín ẹ̀ka méjì, a kò ní mọ èyí tó ni ín. 1 ẹlòmíràn kò yàtọ̀ sí 7 rẹ̀. Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, n kì í méfò. Mo máa ń lọ sí ibi tó ti sọ di púpọ̀: tó bá kọ 20/56 sí òpin ọ̀nà PP, mo mọ̀ pé 4/7 ló wà lọ́kàn rẹ̀, bí 4 rẹ̀ tilẹ̀ jọ 9. Ìdí pàtàkì nìyí tó fi yẹ kí ọmọ kọ ìṣirò ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jáde. Tí ilà ìṣirò kò bá sí, ohun tí ojú rí lára ẹ̀ka ni a máa fi dájọ́.

Ohun kan tó máa ń da àyẹ̀wò 1 rú láìjẹ́ ẹ̀bi ọmọ púpọ̀ ni désímà. Tí ọmọ bá sọ 5/8 di désímà, 0.625 ni, 3/8 jẹ́ 0.375. Tí wọ́n bá ní kó dín in kù sí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì, méjèèjì ló máa sún sókè: 0.63 àti 0.38. Àròpọ̀ wọn di 1.01. Ọmọ yìí kò ṣi àpò kà. Gígékúrú ló fa 0.01 tó lé, olùmáàkì kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ gba máàkì ẹ̀ka lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ó bá lo nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì, òpin ọ̀nà rẹ̀ á jẹ́ 0.357, 0.268, 0.268 àti 0.107, wọ́n á sì pé 1. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n fi ìdá sílẹ̀ bó ṣe wà títí dé òpin, kí wọ́n má tilẹ̀ tètè gé e kúrú. Tí 20/56 bá ti di 5/14, tí 6/56 sì ti di 3/28, kò ní rọrùn fún ọmọ, kò ní rọrùn fún olùmáàkì náà, láti fi ojú lásán rò wọ́n pọ̀.

Tí mo bá rí ojú tó ṣìnà, n kì í fa àmì àṣìṣe sí i kí n sì kọjá. Mo máa ń fi òbírí yí i ká, mo sì máa ń kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Kí ló kù nínú àpò níbí?" Láti ìgbà náà ni mo ti ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ iye tó kù sí ojú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi ìdá sí ara ẹ̀ka. Ní ìbẹ̀rẹ̀ igi, wọ́n á kọ P5 D3. Ní òpin ẹ̀ka P, wọ́n á kọ P4 D3. Ní òpin ẹ̀ka D, wọ́n á kọ P5 D2. Nígbà tí iye yẹn bá ti wà níbẹ̀, mo lè mọ̀ bóyá ọmọ ṣi àpò kà ni, tàbí ó ka àpò dáadáa tó wá ṣi ìdá kọ, n kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pè é wá béèrè kí n tó mọ èyí tí mo máa kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.